Lẹ́tà tí dókítà ìdílé kọ fún màmá mi láti gbé lọ bá dókítà ọkàn: ṣé ó tó báyìí?

Àbẹ̀kẹ́ Ìsẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi, ẹni ọdún 68, lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru ní kílíníkì tí wọ́n ti ń lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rọ ìfúnpá tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ̀ láti ka ìfúnpá wọn, ó tún kọ̀ nígbà tí wọ́n tún un ṣe. Nọ́ọ̀sì wá di ọrùn ọwọ́ wọn mú, ó tẹjú mọ́ aago, kò sọ̀rọ̀, ó kàn dìde lọ pe dókítà. Wọ́n ṣe í-sí-jí, àyẹ̀wò tó ń ya ìlù ọkàn sórí bébà. Dókítà ní ọkàn wọn ń lù ségesège, pé nǹkan tuntun ni, nítorí èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún tó kọjá kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó fún wa ní lẹ́tà pé ká gbé e lọ bá dókítà ọkàn ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn. Kò lẹ̀ ẹ́ pa, mo sì kà á. Tí mo bá sọ ọ́ sí Yorùbá, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

> Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo màmá yìí tí ọkàn wọn ń lù ségesège. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ ṣeun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni wọ́n tó lè rí wa níbẹ̀. Wọn ò fún màmá ní oògùn tuntun kankan. Màmá ní ara àwọn le, àfi pé èémí máa ń já wọn tí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé lẹ́tà yìí tó? Ṣé kí n padà lọ bá dókítà ni, àbí kí n kàn dúró de ọjọ́ tí wọ́n fún wa?

Àkànní Olówó Epo

Ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú, àbúrò. Ohun tó yẹ kéèyàn bẹ̀rù nínú ọkàn tó ń lù báyìí ni pé ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú rẹ̀, kó já, kó gòkè lọ sí ọpọlọ, kó sì di rọpárọsẹ̀. Ẹ ra asipirínì kékeré, ìyẹn 75 mílígíráàmù, kí màmá máa lo ẹyọ kan lójúmọ́ títí ọjọ́ yẹn á fi pé. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà kò le. Dókítà ọkàn á ṣe gbogbo àyẹ̀wò tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Kọ́lá

Àbẹ̀kẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi bátìrì sí màmá láyà o! Èmi náà, ọkàn mi lù kìkì bí ẹni sáré, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo rù, gbogbo ènìyàn ń sọ pé bátìrì ni wọ́n máa fi sí mi. Ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi ló ń da ọkàn mi láàmú. Wọ́n tọ́jú gẹ̀gẹ̀, ọkàn mi sì padà sí ipò rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo ọrùn màmá.

Dókítà Òkè-Ògùn

Ẹ káàárọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Dókítà ìdílé ni mí. Lẹ́tà irú èyí ni mo máa ń kọ, mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn méjì tó ṣáájú mi sọ.

Ọ̀gbẹ́ni Àkànní sọ òótọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ tó ń dì. Asipirínì ni mi ò bá wọn fara mọ́. Ní ọdún 2007, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Bìrìtìkó, BAFTA ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ìdílé gan-an ni wọ́n sì ti ṣe é. Wọ́n fi asipirínì wé wáfárínì, oògùn kan tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lára àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ọkàn wọn ń lù ségesège. Wáfárínì gbà wọ́n lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ ju asipirínì lọ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ dídà tó le kò sì pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn tó lò ó. Asipirínì á kàn fi ewu ọgbẹ́ inú kún ọ̀rọ̀ màmá, láìdí ọ̀nà rọpárọsẹ̀. Ẹ má rà á.

Ìyá Kọ́lá, ẹ ṣeun. Bátìrì, ọkàn tó ń falẹ̀ jù ni wọ́n sábà máa ń fi í sí fún, kì í ṣe irú ti màmá tó ń sáré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gẹ̀gẹ̀ tẹ́ ẹ sọ yẹn bọ́ sí i gan-an. Àyẹ̀wò táíróòdù, ìyẹn ẹ̀yà ara ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti ń wá, gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí lẹ́tà gbé dání.

Ó wá kan lẹ́tà. Lẹ́tà yín kò tó, Àbẹ̀kẹ́, kì í sì í ṣe torí pé ó kúrú. Lẹ́tà kúkúrú lè dára. Kò dáhùn ohun mẹ́ta tí dókítà ọkàn máa wá kọ́kọ́ wò ni.

Àkọ́kọ́ ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Tí a bá mọ̀ dájú pé àná ni ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège, wọ́n lè ronú àtifi oògùn tàbí iná mànàmáná dá a padà sí ìlù rẹ̀ kíákíá. Tí a kò bá mọ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú rẹ̀ sílẹ̀. Tí wọ́n bá wá dá ọkàn padà lójijì, ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn lè já. Nítorí náà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ènìyàn máa fi lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kí wọ́n tó dá ọkàn padà, àfi tí wọ́n bá gba ọ̀nà ọ̀fun wo inú ọkàn tí wọ́n sì rí i pé ó mọ́. Ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà lè pinnu bóyá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ máa fi dúró yìí máa wúlò tàbí ó máa ṣòfò. Tí màmá bá ti ń lo oògùn náà dáadáa láti ọ̀la, ọjọ́ tí dókítà ọkàn bá rí wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pé. Tí wọn ò bá bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kà á.

Ìkejì ni ewu rọpárọsẹ̀ àti ohun tí a ti ṣe sí i. Àwa dókítà ń ka máàkì kan tó ń jẹ́ CHA₂DS₂-VA. Ti màmá: ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹyọ kan; ìtọ̀ ṣúgà, ẹyọ kan; ọjọ́ orí láàárín 65 sí 74, ẹyọ kan. Ó di mẹ́ta. Láti méjì lọ sókè ni a ti máa ń sọ pé kí ènìyàn lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bí kò bá sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Ẹ lè rí ibòmíràn tí wọ́n ti kọ mẹ́rin fún irú màmá yìí, nítorí pé ọ̀nà ìkà àtijọ́, CHA₂DS₂-VASc, ń fi ẹyọ kan kún un fún obìnrin. Àwọn oníṣègùn ọkàn ilẹ̀ Yúróòpù yọ ẹyọ yẹn kúrò ní 2024. Mẹ́ta ni o, mẹ́rin ni o, ìdáhùn kan náà ni.

Ìkẹta ni ìbéèrè. "Ẹ bá mi wò ó" kì í ṣe ìbéèrè. Kí ni dókítà ìdílé fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ṣé àwòrán ọkàn ni? Ṣé ó fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n dá ọkàn padà sí ìlù rẹ̀ tàbí kí wọ́n kàn dín eré rẹ̀ kù? Ta ló máa máa bójú tó oògùn lẹ́yìn ìgbà náà?

Ẹ padà lọ bá dókítà yín. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Mo mọ bí kílíníkì ṣe ń rí nígbà tí ọgbọ̀n ènìyàn bá jókòó síta. Ẹ kàn sọ pé, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún wa, sà. Ǹjẹ́ oògùn kan wà tó yẹ kí màmá ti máa lò?" Ìbéèrè yẹn á mú kó tún lẹ́tà náà mú.

Nọ́ọ̀sì Líídísì

Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ dókítà ìdílé níbí, ní Líídísì. Lọ́dọ̀ wa, orí kọ̀ǹpútà ni lẹ́tà náà ń gbà lọ, aláìsàn kì í fọwọ́ gbé e. Ṣùgbọ́n ohun tí Dókítà sọ yẹn náà là ń ṣe: dókítà ìdílé ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí dókítà ọkàn tó rí ènìyàn rárá.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ìfúnpá tó kọ̀ yẹn. Tí ọkàn bá ń lù ségesège, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè kọ̀, tàbí kó gbé iye tí kì í ṣe òótọ́ jáde. Ẹ ní kí wọ́n fi èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fún, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ etí gbọ́, wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọwọ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ìlù ọkàn náà, ìṣẹ́jú kan gbáko ni kí wọ́n kà á. Àwọn kan á ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Fún ọkàn tó ń lù bí onílù tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi sílẹ̀, iye yẹn lè ṣìnà jìnnà.

Rẹ́jísírà Ọkàn

Èmi wà ní apá kejì, èmi ni mo ń gba àwọn lẹ́tà yìí. Mo ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Ohun tí Dókítà Òkè-Ògùn kọ dára púpọ̀. Mo ní ohun kan láti fi kún un àti ohun kan tí mi ò gbà pátápátá.

Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni ìwé í-sí-jí fúnra rẹ̀. Lẹ́tà púpọ̀ ló ń sọ pé "wọ́n ṣe í-sí-jí", tí ìwé náà kò sì sí nínú rẹ̀. Ọkàn màmá yìí lè ti padà sí ìlù rẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí ìlù ségesège yìí máa ń wá, ó sì máa ń lọ, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ṣe tèmi tó sì dára, kí ni mo fẹ́ fi sọ pé òótọ́ ni? Ìwé àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni ẹ̀rí. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i pé ìgbì kékeré tó máa ń ṣáájú ìlù kọ̀ọ̀kan kò sí níbẹ̀ àti pé àlàfo àárín ìlù kan sí èkejì kò bára mu rárá. Nígbà mìíràn, ìlù àfikún tó kàn ń já wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n pè ní èyí, ìtọ́jú wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìwé yẹn, orí bébà tó ń gba ooru ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń tẹ̀ ẹ́ sí. Àbẹ̀kẹ́, ẹ má fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì, nítorí inú rẹ̀ máa ń parẹ́. Ẹ ṣe fọ́tòkópì rẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ sì ya á sínú fóònù yín níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo ti gba ìwé tó ti funfun báláú, tí orúkọ aláìsàn tí wọ́n fi báírò kọ nìkan ló ṣẹ́kù lórí rẹ̀.

Èyí tí mi ò gbà pátápátá: Dókítà ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn láti ọ̀la. Oògùn wo? Ní ilẹ̀ wa, a ṣì ń rí àwọn tí àìsàn rúmátíìkì ìgbà èwe ba fáàfù ọkàn wọn jẹ́ tí wọn ò mọ̀. Tí fáàfù òsì bá ti fún dé ìwọ̀n kan, apísábáànì àti ribarosábáànì, àwọn oògùn tuntun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kọ́ ni oògùn wọn, wáfárínì ni. Ìwádìí INVICTUS tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022 fi oògùn bíi wáfárínì wé ribarosábáànì lára irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, wáfárínì ló sì borí: àwọn tó lo ribarosábáànì kú jù. Èmi fẹ́ rí àwòrán ọkàn kí n tó yan oògùn.

Dókítà Òkè-Ògùn

Rẹ́jísírà, òótọ́ lẹ sọ nípa fáàfù. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìlú tí mo wà. Àwòrán ọkàn tó sún mọ́ wa jù, ọ̀nà rẹ̀ jìn, owó rẹ̀ sì pọ̀ fún ẹni tó ń ta ẹ̀wà. Tí mo bá ní kí gbogbo ènìyàn dúró de àwòrán, àwọn kan ò ní lo oògùn kankan fún oṣù púpọ̀, rọpárọsẹ̀ ò sì ní dúró dè wọ́n. Etí ni mo ń lò. Mo máa ń ní kí aláìsàn fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kó mí èémí jáde, kó dúró díẹ̀, kí n wá fi ẹ̀rọ etí gbọ́ ibi tí ọkàn ti ń lù. Mo máa ń bi í bóyá ó ní àìsàn oríkèé pẹ̀lú ibà líle nígbà èwe. Tí mo bá gbọ́ ohùn tó ń hó bí i pé ó wúwo nísàlẹ̀, tàbí tí ìtàn náà bá bá a mu, màá lo wáfárínì, màá sì kọ "kíákíá" sórí lẹ́tà. Tí kò bá sí, màá bẹ̀rẹ̀ apísábáànì, màá sì béèrè fún àwòrán.

Rẹ́jísírà Ọkàn

Etí máa ń pàdánù rẹ̀, sà, pàápàá tí ọkàn bá ń sáré ju ọgọ́rùn-ún lọ. Mo gbà pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí lẹ́tà sọ ọ́ gbangba: "mo gbọ́ àyà wọn, n kò gbọ́ ohùn fáàfù, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ṣe àwòrán." Nígbà náà, àwòrán ni màá kọ́kọ́ ṣe fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé. Tí lẹ́tà kò bá sọ nǹkan kan, màá rò pé ẹnì kan ti wò ó.

Àbẹ̀kẹ́ Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo padà lọ láàárọ̀ yìí. Dókítà kò bínú rárá, ó ní òun rò pé wọ́n máa rí wa láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni. Wọ́n fi ọwọ́ wọn ìfúnpá: 146 lórí 88. Wọ́n ka ìlù lórí àyà: 118. Ní ọrùn ọwọ́: 96. Ìwọ̀n ara wọn 58 kílò. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kiriatíníìnì, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kídìnrín ń kó jáde, jẹ́ 1.1, iye ẹ̀jẹ̀ dára, ti táíróòdù kò tíì jáde. Ó ní kí n bi àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ léèrè ìdí tí ìwọ̀n ara fi kan ọ̀rọ̀ ọkàn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá èmi náà lóye rẹ̀ (olùkọ́ ni dókítà yìí ní tòótọ́). Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí 118 àti 96 fi yàtọ̀?

Nọ́ọ̀sì Líídísì

Tí ìlù méjì bá tẹ̀ lé ara wọn kíákíá jù, ọkàn kò ráyè kún kó tó fún ìkejì, ẹ̀jẹ̀ tó tì jáde kéré débi pé kì í dé ọrùn ọwọ́. Ó lù láyà, ọwọ́ ò gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ti àyà fi gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà. Tí wọ́n bá kọ 96 nìkan, ẹni tó ń kà á á rò pé kò sáré púpọ̀.

Dókítà Òkè-Ògùn

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara: kídìnrín wà lára ohun tó ń kó àwọn oògùn wọ̀nyí jáde, kiriatíníìnì nìkan kì í sì í sọ gbogbo òtítọ́ fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́. Ìṣirò tí a máa ń ṣe nìyí, fún obìnrin ọdún 68, kílò 58, kiriatíníìnì 1.1:

```
(140 − 68) × 58 × 0.85 ÷ (72 × 1.1) = 44.8
```

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 45 mílílítà ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá wo 1.1 lásán á ní kídìnrín màmá pé. Tó bá jẹ́ ribarosábáànì ni dókítà yàn, 45 yìí wà lábẹ́ 50, nítorí náà 15 mílígíráàmù ni, kì í ṣe 20, pẹ̀lú oúnjẹ. Tó bá jẹ́ apísábáànì, ìlànà tirẹ̀ yàtọ̀: a máa ń dín in kù sí 2.5 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ tí méjì nínú mẹ́ta yìí bá wà, ìyẹn ọdún 80 lọ sókè, kílò 60 wá sílẹ̀, kiriatíníìnì 1.5 lọ sókè. Ti ìwọ̀n ara nìkan ló bá màmá mu, nítorí náà 5 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni tiwọn. Mo ń rí àwọn dókítà tó ń dín in kù nítorí pé aláìsàn "dà bí ẹni tí kò lágbára". Oògùn tí a dín kù láìnídìí kì í dáàbò bo ènìyàn bó ṣe yẹ.

Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe kẹ́ ẹ lọ rà á ní kẹ́mísì fúnra yín o. Dókítà yín ló máa kọ ọ́, lẹ́yìn tó bá ti béèrè nípa ọgbẹ́ inú, ìgbẹ́ dúdú àti ẹ̀jẹ̀ tó ti dà rí.

Lẹ́tà tí èmi máa kọ nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ni a máa ń fi kọ ọ́ níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo fi Yorùbá kọ ọ́ kí gbogbo wa lè kà á. Ohun tí ẹ kò tíì sọ fún wa nípa màmá, àpẹẹrẹ ni mo fi síbẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni mo fi sí òkè pátápátá, nítorí ẹni tó ní ogún lẹ́tà níwájú lè má ka ìlà kẹwàá.

> Dókítà mi ọ̀wọ́n,
>
> Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe àwòrán ọkàn màmá yìí, kẹ́ ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí a gbìyànjú láti dá ọkàn wọn padà sí ìlù rẹ̀, àbí kí a máa dín eré rẹ̀ kù nìkan?
>
> Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Ọkàn tó ń lù ségesège ni a bá pàdé nígbà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru. Í-sí-jí ọdún tó kọjá kò ní in. A kò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ méjì tí èémí ti ń já wọn lórí àtẹ̀gùn. Wọn kò dákú rí, àyà kò dùn wọ́n, wọn kò ní rọpárọsẹ̀ rí.
>
> Ìlù láyà 118, ní ọrùn ọwọ́ 96. Ìfúnpá 146/88, ọwọ́ ni a fi wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ kò wú, ẹ̀dọ̀fóró mọ́. N kò gbọ́ ohùn fáàfù, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ṣe àwòrán. Kò sí ìtàn rúmátíìkì. Gẹ̀gẹ̀ kò hàn. Èsì táíróòdù ń bọ̀.
>
> Ìwọ̀n ara 58 kílò, kiriatíníìnì 1.1, iṣẹ́ kídìnrín 45. CHA₂DS₂-VA jẹ́ 3. Kò sí ẹ̀jẹ̀ dídà rí. Wọn kì í mutí.
>
> Oògùn: amlodípíìnì 5, mẹtifọ́mìnì 500 lẹ́ẹ̀mejì. Mo bẹ̀rẹ̀ apísábáànì 5 lẹ́ẹ̀mejì àti bísópírólólù 2.5 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ láti dín eré ọkàn kù, ní ọjọ́ tí mo kọ lẹ́tà yìí. Wọn kò ní ikọ́ fée. Èmi ni màá máa bá wọn wo ìfúnpá àti kídìnrín lọ.
>
> Í-sí-jí méjèèjì, ti òní àti ti ọdún tó kọjá, wà nínú àpò ìwé yìí.

Bọ́lá Ìbánigbófò

Ọ̀rọ̀ kékeré kan: tí màmá bá wà lábẹ́ ìbánigbófò ìlera, lẹ́tà nìkan ò tó. Kílíníkì gbọ́dọ̀ gba kóòdù láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìlera wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ kọ kóòdù náà sí ẹ̀yìn lẹ́tà. Ẹ sì bi wọ́n bóyá kóòdù yẹn kan àwòrán ọkàn, nítorí ìgbà púpọ̀ ni ó máa ń jẹ́ kóòdù ọ̀tọ̀.

Àkànní Olówó Epo

Mo ti gbọ́ ti asipirínì, Dókítà, ẹ ṣeun. Ìbéèrè mi ni àgbo. Màmá tèmi ń lo àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lójoojúmọ́. Ṣé ó yẹ kí ìyẹn náà wà nínú lẹ́tà?

Rẹ́jísírà Ọkàn

Ó yẹ gan-an, bàbá. Ẹ kọ orúkọ àgbo náà, kẹ́ ẹ sọ bóyá omi tàbí ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń lò ó tó. Ọtí fúnra rẹ̀ lè da ìlù ọkàn rú. Àwọn ewé kan sì lè mú wáfárínì lágbára jù tàbí kó sọ ọ́ di aláìlágbára, èwo nínú wọn ló ń ṣe èwo, a kò lè sọ fún gbogbo àgbo. Ẹ tún kọ oògùn ara ríro. Dikilófénákì àti íbúprófẹ̀n pẹ̀lú oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, inú lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn màmá kì í ka ìwọ̀nyí sí oògùn, nítorí náà ẹ béèrè pé, "Kí lẹ máa ń lò tí orúnkún bá ń ro yín?"

Ìyá Kọ́lá

Tí ara màmá bá yí padà kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé ńkọ́? Ṣé kí wọ́n ṣì dúró de ọjọ́ yẹn?

Dókítà Òkè-Ògùn

Rárá o. Tí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ bá rọ, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́, tí wọ́n bá dákú, tí àyà bá ń dùn wọ́n, tí èémí bá ń já wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, ẹ̀ka pàjáwìrì ni, lọ́jọ́ yẹn, lóru tàbí lọ́sàn-án. Ẹ gbé lẹ́tà yẹn àti oògùn wọn dání lọ. Ẹ sì sọ aago tí wọ́n lo apísábáànì kẹ́yìn fún ẹni tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀, kó tó di pé wọ́n bi yín.

Àbẹ̀kẹ́ Ìsẹ́yìn

Dókítà wa ti kọ tuntun. Ó gùn tó ìdajì ojú ìwé, ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ apísábáànì, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rẹ̀ bísópírólólù, ó ní òun fẹ́ rí èsì táíróòdù ná. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Dókítà Òkè-Ògùn

Èmi ì bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ táíróòdù ló fà á, irú oògùn yẹn náà ló ń dín eré ọkàn kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ kàn bi í léèrè pé kí ni kẹ́ ẹ ṣe tí ìlù bá kọjá 130 lójókòó.

Rẹ́jísírà Ọkàn

Lórí ìyẹn, mo wà lẹ́yìn dókítà yín, Àbẹ̀kẹ́. 118 tí èémí kò já ní ìjókòó lè dúró de èsì fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta. Kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Kó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun kò tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó sọ ìdí.